Bí Ọmọ Ìbàdàn Tó Ń Lọ Kàwé ní Ìlú Ọba Ṣe Lè Rí Ẹni Tí Yóò Tọ́ Ọ Sọ́nà, Tí Yóò Sì Fà Á Kalẹ̀ fún Iṣẹ́

Ẹni tó bá ń lọ ka ìwé oyè másítà ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba ní oṣù kẹsàn-án, àkókò tó ní láti fi wá iṣẹ́ kò tó bí ó ṣe rò. Oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ibẹ̀ máa ń gbé fọ́ọ̀mù iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta, fún iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í dúró de ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa ti ìlẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti rí iye èèyàn tí wọ́n ń wá, ó parí nìyẹn. Lọ́rọ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣì ń wá ilé tí ẹ máa gbé, tí ẹ ṣì ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí ẹ bá tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò ti wà níta. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn àbúrò wa ní Agbowó àti Bódìjà pé Ìbàdàn níbí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn, ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kí wọ́n tó rí físà gbà pàápàá.

Àwọn èèyàn tí mò ń wí ni àwọn tó ti jáde ní iléèwé tí ẹ̀yin náà ti jáde, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ báyìí. Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ká máa pè é ní ọmọ Mọ́kọ́lá. Ó ka Sítátísítíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó jáde ní 2022, ó sin ìjọba, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ní Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn tí kò san owó tí wọ́n yá padà bó ṣe yẹ. Yunifásítì ìlú Leeds ti gbà á láti wá kọ́ nípa iṣẹ́ dátà, láti oṣù kẹsàn-án 2026.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó orúkọ jọ

Ẹ jókòó ti kọ̀ǹpútà fún èyí, torí ojú fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn dáadáa. Ẹ ṣí LinkedIn, ẹ tẹ University of Ibadan sínú àyè ìwákiri, ẹ mú ojú-ewé yunifásítì náà gan-an, kí ẹ wá tẹ Alumni. Ẹ máa rí oríṣiríṣi òpó tí wọ́n fi pín àwọn èèyàn sí. Where they live ni ibi tí wọ́n ń gbé, Where they work ni iléeṣẹ́ wọn, What they do ni irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, What they studied ni ohun tí wọ́n kà. Lókè, àyè wà tí ẹ lè fi ọdún sí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá á kọ́kọ́ yan United Kingdom, á sì yan Statistics. Àwọn tó bá jáde wá lè má pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé bóyá ẹnì kan tàbí méjì ló ń gbé Leeds nínú wọn. Kò burú. Kí ó yọ Statistics kúrò, kí ó fi irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sí i dípò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ka Ìṣirò, Ètò Ọrọ̀ Ajé tàbí Físíìsì ní UI ló ti bọ́ sídìí iṣẹ́ dátà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wo òpó iléeṣẹ́ dáadáa. Iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde léraléra ti mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí UI jẹ́, wọ́n sì ti gba ọmọ wa síṣẹ́ rí. Irú ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ibi kejì tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni ẹ̀ka tí wọ́n ti kàwé. Àwọn olùkọ́ wa ló ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún àwọn tó ń lọ sókè òkun lọ́dọọdún, nítorí náà wọ́n mọ ẹni tó wà ní Manchester àti ẹni tó wà ní Glasgow. Ẹ lọ kí olùkọ́ tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí yín, kí ẹ fara hàn, kí ẹ má kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan pàtó: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló lọ láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn tó ń ṣe iṣẹ́ dátà báyìí? Ṣé ẹ lè bá mi fi ímeèlì mú wa mọ ara wa?” Ìlà méjì láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tí ẹni yẹn ń bọ̀wọ̀ fún lágbára ju ogún àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àjèjì lọ.

Ibi kẹta ni iléèwé girama. Ìbàdàn ní iléèwé tó ti pẹ́: Government College Ibadan wà láti 1929, Loyola wà láti 1954, International School tó wà nínú ọgbà UI bẹ̀rẹ̀ ní 1963, ká má tíì sọ St. Anne's àti Queen's School. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn máa ń ní àwùjọ Wásáàpù fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n jáde. Kódà bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín nínú ọdún yín, ẹni kan níbẹ̀ á ní ọkọ, aya tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ṣe é.

Ibi kẹrin ló dára jù lójú tèmi, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń fò jù. Ẹ lọ sí ojú-ewé yunifásítì tí ẹ ń lọ gan-an, ẹ tẹ Alumni níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì tẹ University of Ibadan tàbí Nigeria sínú àyè ìwákiri rẹ̀. Ẹni tó ti UI lọ sí Leeds, tó ka ohun tí ẹ fẹ́ kà, tó parí ní ọdún tó kọjá tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ti gba ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà kọjá láìpẹ́. Ó mọ olùkọ́ tó ń ran èèyàn lọ́wọ́, ó mọ iléeṣẹ́ tó ń wá sí ọgbà yunifásítì náà wá gba èèyàn, ó sì ṣì rántí bí nǹkan ṣe rí.

Gbogbo orúkọ wọ̀nyí, ẹ kọ wọ́n sínú Excel tàbí ìwé lásán: orúkọ, ọdún tó jáde, iṣẹ́ rẹ̀, iléeṣẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé sí i, ohun tó fèsì, ohun tí ẹ ṣèlérí fún un. Òpó tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, mo sì máa padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ẹni tó sún mọ́ yín

Ojú wa máa ń yára wo ẹni ńlá: ọ̀gá àgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tí ìwé ìròyìn ń gbé fọ́tò rẹ̀. Irú wọn ní àánú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wá iṣẹ́ kẹ́yìn, òfin físà ìgbà tiwọn sì ti yí padà. Ẹni tó jáde ní ọdún mẹ́ta sí méje ṣáájú yín ló wúlò jù. Òun náà gba físà akẹ́kọ̀ọ́, ó mọ àwọn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fún èèyàn ṣe báyìí, ó sì ti pẹ́ tó nídìí iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ fi máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ mú bí mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá irú wọn fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní lè ka ohun tó wà lójú-ewé ẹnì kankan nínú wọn, wọ́n á sì rí i nínú ìwé tí ẹ kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé àkọ́kọ́

Irú ìwé tí wọ́n máa ń rí gbà nìyí:

“Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀wọ́, mò ń bọ̀ ní Ìlú Ọba ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ bá mi wá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọlọ́run á bùkún yín.”

Kò sí ìwà búburú nínú rẹ̀, àdúrà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní iṣẹ́ nínú àpò. Èsì kan ṣoṣo tó lè fún yín ni “kò sí,” ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ iléèwé rẹ̀, nítorí náà á dákẹ́. Ohun tí ó ní tí ó lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìmọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Bí ẹ bá ń bèèrè fún ìsopọ̀ lórí LinkedIn, àyè tí wọ́n fún yín láti kọ nǹkan kéré gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ó ju 200 lẹ́tà lọ, títí kan àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Sítátísítíìkì UI lèmi náà kà, mo jáde ní 2022. Mò ń bọ̀ ní Leeds ní oṣù kẹsàn-án. Ìbéèrè méjì ni mo ní nípa iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.”

Bí ẹ̀gbọ́n náà bá ti gbà, kí ó kọ èyí tó gùn díẹ̀:

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo rí i pé báǹkì lẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé kí ẹ tó lọ. Ohun tí èmi náà ń ṣe ní Dùgbẹ̀ nìyẹn: mo máa ń ṣírò iye àwọn tó yá owó tí wọn kò ní san án padà lásìkò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀, àti ohun tó yẹ kí n kọ́ kí n tó dé. Ṣé ẹ lè yọ̀ǹda ogún ìṣẹ́jú fún mi ní òpin ọ̀sẹ̀ kan? Bí kò bá rọrùn, mo lè fi ìbéèrè méjèèjì ránṣẹ́ síhìn-ín, kí ẹ dá mi lóhùn nígbà tó bá gbà yín.”

Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ibi tí àwọn méjèèjì ti jọ wá, ohun kan tó fi hàn pé ó ka ojú-ewé ẹ̀gbọ́n náà, ìbéèrè tí ó lè dáhùn, àti ọ̀nà tí ó lè gbà kọ̀ láìsí ìtìjú. Kò sí CV níbẹ̀. CV tí èèyàn kò bèèrè dà bí ẹrù tí wọ́n kàn gbé lé e lórí.

Èdè ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jáde ní UI ló gbọ́ Yorùbá, nítorí náà bí ẹ kò bá dá a lójú, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá, ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí láìbẹ̀rù. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ máa fi orúkọ pe òun, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn nìyẹn, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ máa nílò àṣà yẹn nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́.

Bí ẹ kò bá rí èsì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, ní ìlà méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má ṣe lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Mọ́níyà pé kó bá yín sọ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ogún ìṣẹ́jú náà

Láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago wa àti tiwọn bára mu. Ní ìyókù ọdún, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ẹ kọ aago méjèèjì sínú ìwé tí ẹ fi dá ìgbà, kí ẹ sì rí i pé fóònù yín ní iná àti dátà, torí NEPA kì í bèèrè bóyá ẹ ní ìpàdé.

Ẹ má béèrè ohun tó wà lórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà. Ẹ bèèrè ohun tí ẹni tó wà nínú ilé nìkan ló mọ̀: Kí ni ẹ fi gbogbo ọjọ́ Ajé tó kọjá ṣe? Nígbà tí wọ́n gbà yín, kí ni wọ́n ní ó fà wọ́n mọ́ra? Orúkọ wo ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Dùgbẹ̀ yìí níbẹ̀? Kí ni ẹ rí nínú CV àwọn ọmọ wa tó ń jẹ́ kí wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ìbéèrè nípa orúkọ yẹn lè yí gbogbo nǹkan padà. Ọmọ Mọ́kọ́lá ti ń wá data analyst kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wá a pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó bá mọ iṣẹ́ báǹkì á sọ fún un pé ohun tó ń ṣe nílé, credit risk ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ gidi sì ni. Á tún sọ fún un pé àgbègbè tó ń lọ yẹn kún fún àwọn tó ń gba irú rẹ̀: Leeds Building Society wà nínú ìlú náà gan-an, Yorkshire Building Society sì wà ní Bradford tí kò jìnnà. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó ń tẹ̀ sínú àyè ìwákiri yí padà, ìrírí rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ sì di ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣiṣẹ́ rí kò ní.

Ẹ̀gbọ́n náà lè tún mẹ́nu ba CV. A máa ń kọ ọjọ́ ìbí, ìpínlẹ̀ tí a ti wá, ẹ̀sìn, àti bóyá a ti ṣègbéyàwó, a sì máa ń lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ìkankan nínú ìwọ̀nyí kò yẹ kó wà nínú CV tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba. Ojú-ewé méjì tó. Bí ẹ bá kọ NYSC, ẹ fi ìlà kan ṣàlàyé iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní ọdún náà, torí ẹni tó ń kà á kò mọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ kí òun tó sọ ọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni: “Ta ni ẹ rò pé ó yẹ kí n tún bá sọ̀rọ̀?” Bí ẹ ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rán yín.

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń di atọ́nà

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí ó di atọ́nà yín. Ẹrù ńlá ni, kò sì mọ ohun tó wé mọ́ ọn. Ẹ ṣe ohun tó ní kí ẹ ṣe, kí ẹ padà wá jábọ̀. Òpó ìlérí tó wà nínú ìwé yín wúlò níbí. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní kí ọmọ Mọ́kọ́lá kọ́ SQL, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá dátà jáde, kí ó kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń kọ́ SQL tí ẹ ní kí n kọ́. Mo ti lè fi ṣe ìṣirò àwọn tó jẹ gbèsè ju 30 ọjọ́ lọ, mo sì kọ àpẹẹrẹ kan pẹ̀lú dátà tí mo dá fúnra mi. Ibi kan ló ta kókó.” Ẹ ṣàkíyèsí pé kò fi dátà oníbàárà báǹkì ránṣẹ́. Àṣìṣe tó burú nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ owó, ẹ̀gbọ́n tó bá sì rí i á sá.

Lẹ́yìn ìjábọ̀ méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní nílò láti bèèrè mọ́. Òun fúnra rẹ̀ á máa bi yín pé ibo lẹ dé.

Iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́: ẹ mọ òfin kí ẹ tó bèèrè

Nílé, a mọ àìtíì: èèyàn á lọ sí iléeṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà nígbà tó ṣì ń kàwé. Ẹ má gbé èrò yẹn lọ. Físà akẹ́kọ̀ọ́ oyè ní Ìlú Ọba kò gbà kí èèyàn ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Ajé sí Àìkú, nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún wà nínú wákàtí 20 yẹn. Ẹ ò sì lè fi ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ṣiṣẹ́ dí ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ ara ẹni, irú kí ẹ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà fúnra yín, kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ohun tó máa ń ṣi àwọn ọmọ másítà lọ́nà jù ni ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń ka oyè àkọ́kọ́ ń lọ ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, wọ́n sì rò pé tiwọn náà ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àkókò yẹn ni ọmọ másítà ń kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kì í sì í ṣe ìsinmi fún un lójú òfin. Wákàtí 20 ló ṣì dúró lé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì yín, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà fún yín. Kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu ará Wásáàpù.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, tí yunifásítì fi ṣe apá kan oyè. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n kí ẹ tó gba àyè ìgbàwọlé, torí ó máa ń ṣòro láti yí padà lẹ́yìn náà. Ìkejì ni iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀, pàápàá nínú ọgbà yunifásítì: ẹ̀ka ìwádìí tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn tún dátà ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní kíláàsì yẹn ló mọ olùkọ́ tó máa ń gba èèyàn. Ìkẹta ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ ìwádìí másítà yín lórí ìṣòro tí iléeṣẹ́ kan ní, tí ẹ̀gbọ́n kan lè bá yín sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ẹ ò ní gba owó oṣù lórí rẹ̀, kí yunifásítì sì kọ́kọ́ jẹ́rìí pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni kì í ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ iléeṣẹ́ á wà lára ìwé yín.

Bí wọ́n ṣe ń fa èèyàn kalẹ̀

Ọ̀pọ̀ nílé rò pé ìfàkalẹ̀ ni kí ẹ̀gbọ́n lọ bá ọ̀gá, kí ọ̀gá sì fún ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni, òṣìṣẹ́ máa wọlé sí ojú-òpó kan, á fi orúkọ yín, ímeèlì yín àti CV yín síbẹ̀, á mú nọ́ńbà iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, á sì dáhùn pé báwo ni òun ṣe mọ̀ yín. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ènìyàn gidi wo CV yín. Ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì wà níwájú yín. Iléeṣẹ́ mìíràn máa ń fún òṣìṣẹ́ náà lówó bí wọ́n bá gba ẹni tó fà kalẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ ń tọrọ àánú.

Àṣìṣe kan wà tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: kí èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ná, kó tó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, bí orúkọ yín bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, kò ní gba ìfàkalẹ̀ mọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, kí ẹ sì fi ímeèlì kan náà tí ẹ fún ẹ̀gbọ́n kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ tún bá a dín iṣẹ́ kù. Ọmọ Mọ́kọ́lá lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n, mo rí iṣẹ́ yìí níléeṣẹ́ yín, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ lómìnira láti sọ pé rárá. Bí ẹ bá rí i pé mo yẹ, ìlà mẹ́ta tí ẹ lè lò nìyí: mo ṣọ́ gbèsè àwọn oníṣòwò ní báǹkì kan n'Íbàdàn, mo kọ́ SQL láàárín oṣù márùn-ún tí a ti mọra, mo ka Sítátísítíìkì ní UI, mo sì ń ka másítà ní Leeds. CV mi wà nísàlẹ̀. N kò tíì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.”

Ẹ sọ òtítọ́ nípa físà fún ẹni tó fẹ́ fà yín kalẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ lè bèèrè físà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí wọ́n ń pè ní Graduate visa, tí ẹ fi lè ṣiṣẹ́ láìsí onígbọ̀wọ́, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń dúró fún èèyàn kó lè rí físà iṣẹ́ gbà. Ọdún méjì ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2027 lẹ́yìn oyè másítà, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un. Ọmọ Mọ́kọ́lá wà nínú àwọn wọ̀nyí. Bí fọ́ọ̀mù bá bi í pé ṣé yóò nílò onígbọ̀wọ́ lọ́jọ́ iwájú, kí ó fi òtítọ́ dáhùn, kí ẹ̀gbọ́n náà sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má di ti ìtìjú níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ìjọba, ẹ má bèèrè ìfàkalẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ dátà ní ilé ìwòsàn NHS, wọ́n máa ń bo orúkọ yín mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn tí wọ́n máa pè. Wọ́n á fi ohun tí ẹ kọ wé àwọn ohun tí wọ́n ní àwọn ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n tó wà níbẹ̀ lè ṣe fún yín ni kí ó ka ohun tí ẹ kọ, kí ó sọ èyí tí ẹ kò dáhùn. Ìkéde iṣẹ́ wọn náà sábà máa ń ní orúkọ ẹni tí èèyàn lè pè bèèrè ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ẹ pè é.

Bí wọ́n bá gbà yín tàbí wọn kò gbà yín, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́. Ohun tó máa ń dùn wọ́n jù ni kí wọ́n fa èèyàn kalẹ̀, kí wọ́n má sì gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn tó ń ta onígbọ̀wọ́

Nínú àwùjọ Wásáàpù kan náà tí ẹ ti ń wá ẹ̀gbọ́n, ẹ máa rí ẹni tó máa ní òun lè “ra” ìwé onígbọ̀wọ́ fún yín, tàbí kí ẹ san owó kó tó bá yín wá iṣẹ́. Òfin Ìlú Ọba tó wà láti 1973 kò gbà kí aṣojú gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́ nítorí pé ó bá a wá a. Iṣẹ́ tí ẹ bá rà, ẹni tó tà á lè parẹ́, ìjọba sì lè gba àṣẹ onígbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, kí físà yín sì bá a lọ. Ẹ máa rí àmì rẹ̀: kì í fẹ́ kí ẹ bá òṣìṣẹ́ mìíràn níléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, owó ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà kó tó bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ìwé ìgbanisíṣẹ́ sì máa ń dé láìsí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìjọba wọn máa ń gbé àkójọ gbogbo iléeṣẹ́ tó láṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ síta lórí gov.uk. Ẹ tẹ register of licensed sponsors workers sínú àyè ìwákiri, ẹ gba àkójọ náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wá orúkọ iléeṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ sórí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìgbọ̀wọ́ lónìí. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ pe iléeṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì wọn, kì í ṣe èyí tí olùtajà náà fún yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá iṣẹ́ náà wà lóòótọ́.